Omi tó ń gorí yógọ́ọ̀tì mi: àkọsílẹ̀ ìkòkò mẹ́rin

Ìyá Ìbejì tó ń gbé ilé kejì sí wa ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ Ẹtì ni, ó gbé abọ́ yógọ́ọ̀tì tí mo fún un lálẹ́ àná rẹ̀ padà wá, kò tíì fi ṣíbí kàn án. Ó ṣí ìdérí rẹ̀ níwájú mi. "Ìyàwó wa, wò ó, eléyìí ti bàjẹ́. Omi ti ya kúrò lára rẹ̀."

Mo wo inú abọ́ náà. Lóòótọ́, omi dúró lé e lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìka kan ní jíjìn. Ó mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè tí a fi omi púpọ̀ là, ó sì fi díẹ̀ jọ àwọ̀ ewé. Yógọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ dì dáadáa. Mo gbóòórùn rẹ̀: ó kan, ṣùgbọ́n kíkan tó dára ni, kíkan mílíìkì. Mo mú ṣíbí, mo rò ó pọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì jẹ ṣíbí mẹ́ta lójú wọn. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kò bàjẹ́ o. Omi ara rẹ̀ náà ni." Wọ́n wò mí, wọ́n wo abọ́. "Ó dáa. Kí ló wá ń lé omi náà jáde?"

Mi ò ní ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́. Mo ti ń se yógọ́ọ̀tì nílé láti ọdún méjì, mo sì ti ń rí omi yẹn láti ọjọ́ kìíní, rírò ni mo máa ń rò ó mọ́ ọn. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé àjákọ kan, mo pinnu pé màá se ìkòkò mẹ́rin, ohun kan ṣoṣo ni màá máa yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì wọn omi tó bá jáde.

Ìkòkò kìíní: bí mo ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀

Kí n tó yí ohunkóhun, mo se é bí mo ṣe ń se é fún Ìyá Ìbejì. 100 gíráàmù mílíìkì oníyẹ̀fun tó lọ́ràá nínú lítà omi kan. Mo gbé e kaná títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí mo bá ti ki ìka bọ̀ ọ́ tí kò jó mi, ó tó. Mo fi ṣíbí ìjẹun méjì yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà sí i gẹ́gẹ́ bí sítátà. Mo dà á sí abọ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì lítà, mo tò wọ́n sínú kúlà pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná méjì, mo dé e, mo lọ sùn. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, wákàtí mọ́kànlá ti lọ. Mo gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì.

Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn omi ni ife kékeré tó máa ń wà lórí ìgò oògùn ọmọdé, nítorí pé wọ́n ti fín mìlílítà sí i lára. Mo tẹ abọ́ kan díẹ̀díẹ̀, mo ń da omi orí rẹ̀ sínú ife náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí kò fi kán mọ́. 70 mìlílítà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ rò ó wò: nínú ìdajì lítà, omi tó ya sọ́tọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé Ìyá Ìbejì dá a padà.

Abọ́ kejì ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tó ju gbogbo ìyókù lọ. Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí mo gbà lọ́kàn ni pé omi orí yógọ́ọ̀tì dà bí omi orí ògì. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: tí a bá sẹ́ ògì tán, a gbé e kalẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo á rọ̀ sísàlẹ̀ nítorí ó wúwo, omi á sì dúró sókè. Mo rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ mi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti bu ṣíbí kan láàárín abọ́ kejì yìí kí n tó gbé e sí fíríìjì, mo sì ti gbọ́n ìwọ̀nba omi tó wà lórí rẹ̀ kúrò pátápátá. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ihò tí ṣíbí fi sílẹ̀ ti kún fún omi. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà ṣì dúró, ó gún bí ẹ̀gbẹ́ kànga, omi náà sì ń ti ara ẹ̀gbẹ́ yẹn sun jáde.

Ohun tó bá ń rọ̀ sísàlẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ògì kì í gbẹ́ kànga sínú ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ohun kan wúwo, ohun kan fúyẹ́. Ńṣe ni nǹkan ń fún omi jáde láti inú yógọ́ọ̀tì, bí ìgbà tí èèyàn di kàn-ìn-kàn-ìn tútù mú tó sì ń rọra fún un.

Ohun tó ń fún un

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, mo sì pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé, ní èdè tí èmi náà lè fi ṣàlàyé fún ẹlòmíràn.

Púrótíìnì tó pọ̀ jù nínú mílíìkì ni wọ́n ń pè ní kaséìnì, tí a bá dá púrótíìnì inú mílíìkì màlúù sí márùn-ún, kaséìnì kó mẹ́rin níbẹ̀. Ó wà nínú mílíìkì ní hóró kéékèèké tí ojú kò lè rí, àwọn hóró náà sì ń ti ara wọn sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mílíìkì fi ń ṣàn tí kì í dì. Nígbà tí a bá fi sítátà sí i, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á máa jẹ ṣúgà mílíìkì, wọ́n á sì máa sọ ọ́ di èròjà kíkan. Bí kíkan náà ṣe ń pọ̀ sí i, agbára tí hóró kaséìnì fi ń ti ara wọn á máa rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n 4.6 lórí òṣùwọ̀n kíkan, níbi tí omi lásán ti wà ní 7, wọn kò ní ti ara wọn mọ́. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á so kọ́ra bí àwọ̀n, gbogbo omi tó wà nínú mílíìkì á sì há sínú ihò àwọ̀n náà. Dídì tí a ń rí yẹn, àwọ̀n ni.

Ṣùgbọ́n àwọ̀n yìí kì í dúró sójú kan. Àwọn hóró tó ti dì mọ́ra ṣì ń wá ibi tí wọ́n á tún ti dì mọ́ra sí i, okùn kan ń fa ìkejì, ihò ń kéré sí i, omi inú wọn kò sì ní ibòmíràn tó lè gbà ju kó jáde. Bí okùn àwọ̀n bá ṣe nípọn tó sì rí jákujàku, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń fún omi jáde tó. Bí okùn rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ihò rẹ̀ sì kéré, omi á pẹ́ nínú rẹ̀.

Omi náà fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti dúró ti Fúlàní tó ń ta wàrà ti rí i: omi rẹ́súrẹ́sú tí wàrà ń léfòó nínú rẹ̀ nínú igbá tàbí ọpọ́n. Ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń dì tiwọn, kì í ṣe sítátà, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni omi méjèèjì. Ó ní púrótíìnì tí kì í ṣe kaséìnì nínú, ó ní ṣúgà mílíìkì, ó ní kálíṣíọ̀mù, ó sì ní fítámì B2. Fítámì yẹn gan-an ló fún un ní àwọ̀ tó fi díẹ̀ jọ ewé. Nítorí náà, àwọ̀ tó dẹ́rù ba Ìyá Ìbejì, fítámì ni.

Ìkòkò kejì: iná

Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá fẹ́ kí okùn àwọ̀n náà tẹ́ẹ́rẹ́, kí n kọ́kọ́ se mílíìkì náà gbóná gan-an kó tó tutù fún sítátà. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí mo máa ń ṣe kò tó. Mo ní, "Ṣebí mílíìkì inú agolo ti gbóná rí nílé iṣẹ́?" Wọ́n ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilé iṣẹ́ kì í se é gbóná dọ́gba, kí n dán an wò.

Mo po lítà méjì, ìwọ̀n mílíìkì kan náà pẹ̀lú ti ìkòkò kìíní, mo pín in sí méjì. Apá kan, mo kàn jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Apá kejì, mo gbé ìkòkò rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tó ní omi híhó kí ìdí rẹ̀ má bàa jóná, mo fi tẹmómítà sí i. Nígbà tó dé 85 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, mo dín gáàsì kù, mo sì mú un dúró síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ gun 90, mo yọ ọ́. Ó fẹ́ bọ́ sí 80, mo dá a padà. Mo ń fi ìdérí dé e láàárín ìyẹn, nítorí tí omi bá fẹ́ lọ púpọ̀, mílíìkì yóò ki fúnra rẹ̀, mi ò sì ní mọ̀ bóyá iná ló ṣiṣẹ́ tàbí kíki. Síbẹ̀, nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, ó ti dín ní 40 gíráàmù, mo sì fi omi tó ti hó tẹ́lẹ̀ dí i.

Mo jẹ́ kí méjèèjì wà ní 43 kí n tó fi sítátà sí wọn. Ẹ má ṣe kánjú níbí yìí. Tí mílíìkì bá ṣì gbóná ju 50 lọ nígbà tí ẹ da sítátà sí i, àwọn kòkòrò náà lè kú, ẹ ó sì jí bá mílíìkì olómi nínú kúlà láàárọ̀.

Wákàtí mọ́kànlá ni mo fún àwọn náà, kí ó lè bá ti ìkòkò kìíní mu. Abọ́ tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́: 65 mìlílítà omi. Abọ́ tó wà ní 85 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: 30. Ó dín ju ìdajì lọ, iná nìkan ló sì yàtọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé púrótíìnì kejì, èyí tó máa ń bá omi lọ, kì í fara da ooru bí kaséìnì. Ní nǹkan bí 80 sókè, ó máa ń tú, á sì lẹ̀ mọ́ ara hóró kaséìnì. Nígbà tí àwọ̀n bá wá so, ó ti wà lára okùn rẹ̀. Ihò àwọ̀n á kéré, yógọ́ọ̀tì á le díẹ̀ sí i, omi á sì ṣòro láti fún jáde. Mo rí ìyàtọ̀ náà lẹ́nu ṣíbí. Èyí tí mi ò sè gé bí jẹ́lì, ojú ibi tó ti gé ń dán, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ní kíá. Èyí tí mo sè gé bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó jinná dáadáa.

Ìkòkò kẹta: ibi tí mo ti mọ̀ pé oorun mi ń ba iṣẹ́ jẹ́

Mo sè gbogbo rẹ̀ ní 85 lọ́tẹ̀ yìí, mo pín in sí abọ́ mẹ́ta. Méjì wà nínú kúlà kan tí mo tọ́jú ooru rẹ̀ sí nǹkan bí 41. Ẹ̀kẹta wà nínú kúlà kejì tí mo ń fi omi gbígbóná kún ìgò rẹ̀ léraléra kó lè wà ní 46.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, mo gbé ẹyọ kan nínú kúlà àkọ́kọ́ àti ẹyọ tó wà ní 46 lọ sí fíríìjì. Mo fi ẹyọ tó kù ní 41 sílẹ̀ títí wákàtí mọ́kànlá fi pé. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì nìyí: 41 fún wákàtí mẹ́fà, 15 mìlílítà. 46 fún wákàtí mẹ́fà, 35, ó sì ní hóró-hóró lẹ́nu bí gàrí tí kò kúnná. 41 fún wákàtí mọ́kànlá, 30, ó sì kan gan-an.

Nǹkan méjì ni mo rí. Ooru tó pọ̀ máa ń mú kí nǹkan yá, àwọ̀n náà á sì so pẹ̀lú ìkánjú, okùn rẹ̀ á nípọn, ihò rẹ̀ á tóbi. Àkókò tó pọ̀ jù náà sì ní tirẹ̀: yógọ́ọ̀tì tó ti dì tán tí mo ṣì fi sílẹ̀ nínú ooru ń kan sí i, àwọ̀n rẹ̀ ń súnkì sí i. Láti ọdún méjì wá, alẹ́ ni mo máa ń gbé e sí kúlà nítorí pé ó rọrùn. Mi ò mọ̀ pé ó ti máa ń dì ní nǹkan bí aago méjì òru, tí omi rẹ̀ á sì máa jáde títí tí màá fi jí. Ní báyìí, àárọ̀ ni mo ń gbé e sí i, kí n lè wà nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, màá rọra tẹ abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ó bá kúrò lára ẹ̀gbẹ́ abọ́ lódindi láìṣàn, ó ti dì. Fíríìjì ló kàn. Mi ò dúró de omi kó tó yọ.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé abọ́ kan nínú ìkòkò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí ọmọ mi ṣí kúlà, ó sì gbé e wò nígbà tó ń dì lọ́wọ́. Àwọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so kò fẹ́ kí wọ́n mì í. Ibi tí ó sán, ibẹ̀ gan-an ni omi gbà jáde, ìlà kan gbọọrọ tó kún fún omi láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

Ìkòkò kẹrin: mílíìkì tó tó

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. 100 gíráàmù nínú lítà omi kan kéré. Tí èèyàn bá fẹ́ kí mílíìkì oníyẹ̀fun jọ mílíìkì màlúù, nǹkan bí 130 gíráàmù nínú 900 mìlílítà omi ni. Okùn mi kéré, omi tó fẹ́ gbà pọ̀. Mo lo 150 gíráàmù nínú 900, mo sè é ní 85 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo gbé e sí 42 fún wákàtí mẹ́fà, mo gbé e sí fíríìjì láìmì í.

Omi tó jáde kò tó ṣíbí kan, 5 mìlílítà. Owó mílíìkì ti wọ́n báyìí, mi ò lè sọ pé ẹni gbogbo gbọ́dọ̀ fi 150 sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ owó, kó má fi iná àti àkókò ṣeré, àwọn wọ̀nyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ náni lówó. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi jẹ́látíìnì, sítáàṣì tàbí pẹ́kítíìnì sí tiwọn kó lè di omi mú. Ìdí nìyẹn tí èyí tí a rà fi lè pẹ́ láìní omi lórí, kì í ṣe pé ó dára ju tilé lọ.

Ṣé kí a rò ó pọ̀, àbí kí a dà á nù?

Ìbéèrè yìí ni Ìyá Ìbejì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ jù, nítorí náà mo fi abọ́ mẹ́ta tí mo se bíi ti ìkòkò kìíní dán an wò, pẹ̀lú omi lórí gbogbo wọn.

Mo da omi orí abọ́ àkọ́kọ́ nù. Ohun tó kù ki, adùn rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ó dín, fítámì àti kálíṣíọ̀mù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì bá omi lọ. Ẹni tó fẹ́ yógọ́ọ̀tì kíki lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ nínú fíríìjì. Omi tó bá kán, mo fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Abọ́ kejì, mo fi ṣíbí ro omi náà pọ̀ ní rírọra, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá. Mo kán an sórí àwo. Ó tẹ́ díẹ̀, kò ṣàn lọ, ó rí bí ẹ̀kọ mímu tó ki. Ẹnu ò lè mọ̀ pé omi ti ya lórí rẹ̀ rí. Àwọ̀n tí ó ti já kò padà bọ̀ sípò, a kàn fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tí omi sì wà láàárín wẹ́wẹ́ náà ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, omi tínínrín kan tún yọ létí abọ́. Mo tún rò ó, mo jẹ ẹ́. Kò sí ewu kankan nínú rẹ̀. Omi tó jáde lára yógọ́ọ̀tì ló padà sínú yógọ́ọ̀tì.

Abọ́ kẹta, mo dà á sínú bíléńdà fún ìṣẹ́jú kan. Ó ṣàn lórí àwo bíi mílíìkì, kò sì padà ki nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó dára fún mímu, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ṣíbí jẹ ẹ́ kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Rírò ni ó ń fẹ́, kì í ṣe lílù.

Abọ́ tí mo dà nù

Bí mo ṣe sọ pé omi kì í ṣe àmì ìbàjẹ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó sì jẹ ohun tí kò yẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń ṣe ìkòkò kẹta, iná ọba lọ fún ọjọ́ méjì gbáko. Abọ́ kan wà lẹ́yìn fíríìjì tí mo gbàgbé. Nígbà tí mo rí i, ìdérí rẹ̀ ti wú sókè. Mo ṣí i, afẹ́fẹ́ fọn jáde. Omi wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi yìí ń hó kẹ́kẹ́kẹ́, ìfófòó kéékèèké ń ti inú yógọ́ọ̀tì jáde, òórùn rẹ̀ sì dà bí ẹmu àná. Kòkòrò mìíràn tí kì í ṣe ti sítátà ti wọ ibẹ̀, irú èyí tó ń mú ẹmu hó. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mi ò tọ́ ọ wò.

Nítorí náà, ohun tó bá omi náà wá ni mo ń wò. Tí omi bá mọ́ gaara, tí kò hó, tí òórùn kíkan rẹ̀ sì jẹ́ ti yógọ́ọ̀tì, mo rò ó pọ̀. Tí ìdérí bá wú, tí ó ń hó, tí òórùn rẹ̀ bá jọ ti ọtí tàbí ti nǹkan tó rà, tí mo bá rí àmì pupa tàbí àmì aláwọ̀ ọsàn lórí rẹ̀, tàbí tí ó bá bu, mo dà á nù pátápátá. Èyí tó bu ni mo rí tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe àṣìṣe lé lórí jù: wọ́n á fi ṣíbí yọ ibi tó bu, wọ́n á jẹ ìyókù. Oúnjẹ rírọ̀ ni yógọ́ọ̀tì, gbòǹgbò ohun tó bu lè ti wọ ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò lè rí i.

Àti ọ̀rọ̀ fíríìjì: 4 ni mo fẹ́ kí tẹmómítà inú rẹ̀ wà. Tí yógọ́ọ̀tì bá wà níta ju wákàtí méjì lọ, tàbí wákàtí kan ní ọ̀sán tí oòrùn mú ju 32 lọ, mi ò gbé e fún ẹlòmíràn mọ́. Kódà kó tó débi ìbàjẹ́, ìgbóná àti òtútù tó ń pàrọ̀ ara wọn nígbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ yóò mú kó tún máa kan, omi á sì pọ̀ sí i. Èyí tó bá ti di yìnyín rí nínú fíríìsà náà máa ń ya omi púpọ̀ nígbà tó bá yọ́, torí yìnyín ti gún àwọ̀n rẹ̀ já. Èyí kò léwu, ṣùgbọ́n kò tún ní dán lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e

Mo gbé abọ́ méjì lọ sílé Ìyá Ìbejì. Ọ̀kan jẹ́ ti ìkòkò kẹrin, omi kò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí rẹ̀. Èkejì jẹ́ 41 fún wákàtí mẹ́fà ti ìkòkò kẹta. Ìwọ̀nba omi tí mo fi ife oògùn wọ̀n ni mo ti dà padà sórí rẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí èyí tó ní omi kọ́kọ́. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn, ihò ṣíbí tó di kànga, àti omi wàrà. Wọ́n tẹ imú wọn sétí abọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Kò rùn bí ẹmu."

Mo ní, "Rárá, mà."

Wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, wọ́n bù ú jẹ. Wọ́n ní èyí tí kò lómi dùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ lè mu èyí pẹ̀lú oyin. Wọ́n fi àwo bo méjèèjì, wọ́n gbé wọn sí fíríìjì.